Láti Ara Bomubomu Dé Ara Ọsàn Wẹ́wẹ́: Bí Wàrà Ṣe Yí Padà Kí Ó Tó Dé Kétu

Àwo mẹ́ta ló wà lórí tábìlì wa ní Ìkòsí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Wàrà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwa fúnra wa la sì sè é. Èyí tó wà nínú àwo kìíní ń dún kìtì-kìtì lẹ́nu bí ẹni ń jẹ rọ́bà. Ti àwo kejì kò tiẹ̀ ṣe é gé. Bí ọ̀bẹ ṣe kàn án ló rún bí èérún búrẹ́dì. Ti àwo kẹta nìkan ló jọ wàrà tí ìyá oníwàrà máa ń bù fún wa láti inú igbá. Irú mílíìkì kan náà la fi ṣe gbogbo wọn, orí gáàsì kan náà la sì ti sè wọ́n. Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Kí a tó lè dáhùn, ó di dandan kí a padà sínú ìtàn, nítorí pé ọ̀nà tí a gbà ṣe wàrà tiwa kì í ṣe ọ̀nà tí wàrà gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ọwọ́ àwọn Fúlàní darandaran ni àwọn baba wa ti mọ wàrà jíjẹ. Kí Ìlọrin tó di ìlú ẹ́mírì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 ni àwọn darandaran wọ̀nyí ti ń da màlúù kiri ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí koríko ti pọ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń da ẹran, àwọn obìnrin ló sì ni mílíìkì. Ohun tí mílíìkì bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń sọ di wàrà, kí ó má baà bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ọjà. Irú wàrà yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní wàgáṣì ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti máa ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa.

Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá yóò rí ipa ìtàn yìí nínú èdè pẹ̀lú. Orúkọ kan náà, wàrà, ni a fi ń pe mílíìkì àti ohun tó dì láti ara rẹ̀. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, àwọn atúmọ̀ fi wàrà dúró fún mílíìkì, wọ́n sì fi wàràkàṣì dúró fún èyí tó dì. Títí di òní, ẹni tó bá ní òun fẹ́ jẹ wàrà, èyí tó dì ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí a yá, mílíìkì, ló ti gba ipò ti àkọ́kọ́.

Kí ni àwọn ìyá Fúlàní fi ń mú un dì? Bomubomu ni. Wọ́n á gún ewé àti ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì da omi rẹ̀ sínú mílíìkì tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná kò ní kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ooru ṣe ń pọ̀ ni mílíìkì yóò máa dì, tí wàrà yóò léfòó, tí wọ́n á sì jẹ́ kí ó hó dáadáa kí wọ́n tó bù ú sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Híhó yẹn ló ń pa agbára bomubomu náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàrà yóò máa korò sí i.

Bomubomu fẹ́ràn ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí oòrùn ti mú tí omi kò pọ̀. Kò wọ́pọ̀ ní àdúgbò tiwa, bẹ́ẹ̀ ni oje rẹ̀ ní májèlé nínú, kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ lè máa já fi sínú ìkòkò. Mílíìkì pẹ̀lú ti yí padà. Láti 1954 tí Peak ti dé Nàìjíríà ni ará Èkó ti ń mọ mílíìkì inú agolo ju ti inú igbá lọ. Ṣùgbọ́n ọjà èso wà ní Kétu níbí, ọsàn wẹ́wẹ́ àti lẹ́mọ́nì kò sì wọ́n wa. Fínígà, tí Bíbélì pè ní ọtí kíkan, wà lórí àtẹ gbogbo ìsọ̀. Àìrí àdán là ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Íńdíà ti ń fi lẹ́mọ́nì mú mílíìkì dì tipẹ́tipẹ́. Páníà ni wọ́n ń pe tiwọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe ni pé a rò pé òòbẹ̀ àti àdán jọra délẹ̀. Wọn kò jọra. Purotéènì tó pọ̀ jù nínú mílíìkì ni kéésìnì. Ó wà nínú omi náà ní kóró-kóró tí ojú lásán kò lè rí, kálísíọ́ọ̀mù sì wà nínú kóró kọ̀ọ̀kan, ó dà bí amọ̀ tó so bíríkì mọ́ra. Irun tín-ín-tín wà lára àwọn kóró yìí tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Iṣẹ́ tí bomubomu ń ṣe ni pé ó ń fá irun yẹn. Kálísíọ́ọ̀mù kò kúrò níbi tó wà, nítorí náà nígbà tí àwọn kóró bá lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á dì gírígírí. Ìdí nìyẹn tí wàrà Fúlàní fi lè hó pẹ́ lórí iná, tí ẹ lè dín in, tí kò sì ní tú.

Omi kíkan kì í fá irun. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ́ amọ̀ náà kúrò, ó sì ń pa agbára tó ń lé àwọn kóró sẹ́yìn fún ara wọn. Mílíìkì tútù máa ń wà ní nǹkan bí 6.7 lórí òṣùwọ̀n pH. Bí a bá ti sè é gbóná dáadáa kí a tó da omi kíkan sí i, yóò dì nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 5.4. Níbẹ̀, amọ̀ díẹ̀ ṣì kù tó so ó pọ̀. Bí a bá ń da omi kíkan lọ tó fi sún mọ́ 4.6, amọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Wàrà yóò dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí ohun tó so ó pọ̀ mọ́. Yóò rún, yóò sì kan lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan gba omi lítà kan àti mílíìkì lúbúlúbú olọ́ràá, gíráàmù 130.

Ti àwo kejì, èyí tó rún, ló rọrùn jù láti túmọ̀. Ṣíbí ìjẹun mẹ́fà fínígà la dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ìkánjú ń bá wa. Mílíìkì ti dì kí a tó da ìdajì rẹ̀ tán, ìdajì tó kù ló yọ́ amọ̀ dànù. Ẹni tó bá tọ́ omi rẹ̀ wò yóò mọ̀: ó kan gan-an.

Ti àwo kìíní, èyí tó di rọ́bà, kì í ṣe omi kíkan ló bà á jẹ́. Ṣíbí mẹ́ta omi ọsàn wẹ́wẹ́ la lò, ìwọ̀n náà sì dára. Ṣùgbọ́n inú mílíìkì tó ń hó la dà á sí, a sì fi sílẹ̀ kí ó máa hó lọ fún ìṣẹ́jú 10 gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i tí ìyá oníwàrà ń ṣe. Lẹ́yìn náà, a gbé òkúta lé e lórí mọ́jú. Bí wàrà bá ti dì tán, gbogbo ìṣẹ́jú tó bá lò lórí iná ń mú kí purotéènì máa sún kì, kí ó máa fún omi inú ara rẹ̀ dànù. Òkúta wá fún ìyókù. Ẹni tó bá lo mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ yóò rí irú èyí náà, nítorí pé ọ̀rá ló ń dúró láàárín purotéènì tí kì í jẹ́ kí ó le.

Báyìí la ṣe ṣe ti àwo kẹta. A po mílíìkì náà mọ́ omi dáadáa, a sì gbé e ka iná tí kò le, à ń rò ó kí ó má baà jóná nísàlẹ̀, títí ooru rẹ̀ fi dé dígírì 85 sí 90. Ẹni tí kò ní ohun ìwọn ooru lè fojú wò ó: etí ìkòkò yóò máa yọ ìfóòfó, èéfín yóò máa lọ sókè, ṣùgbọ́n àárín kò tíì hó. A pa iná. A dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó lè rọlẹ̀ díẹ̀. A wá ń da omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ti sẹ́ sí i, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, à ń rọra rò ó lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, à ń dúró bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí òmíràn tó tẹ̀ lé e.

Omi tó yọ lára wàrà ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo ṣíbí, nítorí pé kíkan ọsàn kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí omi náà bá ṣì funfun bí omi ògì, kò tíì tó. Wàrà tí ẹ bá sẹ́ nígbà yẹn yóò rọ̀ jù, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì bá omi lọ. Bí ó bá ti mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó fẹ́ jọ ewé, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣẹ́ ku omi ọsàn nínú ife. Tiwa mọ́ nígbà tí ṣíbí kẹta fẹ́ tán. A dé e fún ìṣẹ́jú 10, a bù ú sínú aṣọ ìsẹ́gì, a sì gbé agolo omi tó wúwo bíi kílò kan lé e fún ìṣẹ́jú 20. Ohun tí a rí kù díẹ̀ kó tó gíráàmù 150. Ó ṣe é gé, ó sì ṣe é dín.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ti rún kò lè so ó pọ̀ mọ́. Kí ó yáa dà á sínú ẹ̀fọ́ tàbí ẹyin díndín. Èyí tó di rọ́bà ṣì ní àtúnṣe díẹ̀: ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná oníyọ̀. Èyí tó sì dára pàápàá, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fi jẹ ẹ́ tán nínú fìríìjì.

Ní 1983 ni Ogundiwin àti Oke gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú Food Chemistry lórí àwọn ohun tó ń yí ṣíṣe wàrà padà, kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta wàrà ní Máìlì 12 la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tú wa nínú. Nígbà tí a ṣàlàyé fún un pé bí òun ṣe ń jẹ́ kí tòun hó la ṣe jẹ́ kí tiwa hó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ewé ni tèmi, ọsàn ni tiyín. Ta ló ní kí ẹ fi iná ewé se ọsàn?”