SAR: ìwọ̀n agbára rédíò tí ara ń gbà mọ́ra láti ara fóònù àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì

SAR ni orúkọ òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ bí agbára ìgbì rédíò tó wọ inú ẹran ara ṣe pọ̀ tó. Iye wáàtì tó bọ́ sínú kílógíráàmù ara kan ni wọ́n fi ń kà á. Iye yìí ni fóònù máa ń gbé jáde lójú rẹ̀ bí a bá tẹ `*#07#` lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àyọkà yìí ṣàlàyé òṣùwọ̀n náà àti ohun tí ìwádìí ti rí, ó sì fi Dánmágàjì, àdúgbò kan ní Sáríà ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ṣe ibi ìṣirò. Níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé, fóònù tí a gbé sétí ló ń fi ìgbì rédíò tó pọ̀ jù síni lára, kì í ṣe òpó. Bí òpó bá sì ṣe jìnnà sí fóònù tó ni fóònù á ṣe máa fi kún agbára rẹ̀.

Ìtumọ̀

Bí ìgbì rédíò bá wọ ara, omi àti iyọ̀ tó wà nínú ẹran ara á gba díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, agbára náà á sì di ooru. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
SAR = σE²/ρ
```

σ ni bí iná ṣe ń rọrùn kọjá nínú ẹran ara ọ̀hún, E ni agbára pápá iná mànàmáná tó wà nínú rẹ̀, ρ sì ni bí ó ṣe wúwo sí fún ìwọ̀n àyè tó gbà. Ọpọlọ, iṣan, ọ̀rá àti egungun kò rí bákan náà, nítorí náà SAR kan ṣoṣo kò lè wà fún gbogbo ara. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ ti gbogbo ara lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń sọ ti ibi kékeré kan lọ́tọ̀, irú bí 10 gíráàmù ẹran ara tó gba èyí tó pọ̀ jù.

Ìgbì yìí yàtọ̀ sí ìtànṣán átọ́ọ̀mù. Sáríà ní àwọn méjèèjì nítòsí ara wọn: láti 2004 ni ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù kékeré tí wọ́n ń pè ní NIRR-1 ti wà ní Yunifásítì Àmádù Bẹ́lò fún iṣẹ́ ìwádìí. Ìtànṣán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù. Ìgbì fóònù ní 900 mẹ́gáhẹ́tìsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí agbára tí ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé kò tó ìdá kan nínú 2,000,000 agbára tí ìjákúrò náà ń béèrè. Ooru nìkan ni ìpalára tí gbogbo onímọ̀ fẹnu kò lé lórí pé ìgbì rédíò lè ṣe.

Ààlà tí wọ́n fi lélẹ̀

Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ICNIRP ló ṣe ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, Nàìjíríà náà sì wà lára wọn. Wọ́n gbé ìlànà náà jáde ní 1998, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni àyẹ̀wò lára ẹranko, tó fi hàn pé bí gbogbo ara bá ń gba nǹkan bí wáàtì 4 fún kílógíráàmù kan, ooru inú ara á fi nǹkan bí ìwọ̀n 1 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ sókè, ìṣesí ẹranko náà á sì yí padà. Wọ́n pín 4 yìí sí ọ̀nà 10 fún òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó di 0.4. Wọ́n pín in sí ọ̀nà 50 fún ará ìlú, ó di 0.08. Ara ènìyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ṣe ooru tó tó wáàtì 1 fún kílógíráàmù kan fúnra rẹ̀, nítorí náà 0.08 kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Fún orí àti àyà, ààlà ará ìlú jẹ́ 2 lórí 10 gíráàmù ẹran ara. Fún apá àti ẹsẹ̀, ó jẹ́ 4. Amẹ́ríkà ń lo 1.6 lórí 1 gíráàmù láti 1996. A kò lè fi 1.6 wé 2 tààrà, nítorí ìwọ̀n ẹran ara tí wọ́n ń wò kò dọ́gba.

Ìṣirò kékeré kan á fi ohun tí 2 túmọ̀ sí hàn. Ẹran ara nílò nǹkan bí júùlù 3,500 kí kílógíráàmù rẹ̀ kan tó fi ìwọ̀n 1 gbóná sí i. Bí wáàtì 2 bá ń wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 6, júùlù 720 ni yóò gbà. Kódà bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gbé ooru náà lọ rárá, ìwọ̀n 0.2 péré ni ibẹ̀ yóò fi gbóná sí i. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dúró.

Bí wọ́n ṣe ń wọn fóònù

Wọn kì í wọn SAR lára ènìyàn alààyè. Orí àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n rọ omi kún, tí wọ́n sì po omi náà kí iná lè kọjá nínú rẹ̀ bí ó ṣe ń kọjá nínú ẹran ara. Wọ́n á gbé fóònù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á mú kí fóònù náà máa lo agbára rẹ̀ tó ga jù, rọ́bọ́ọ̀tì á sì máa ti ọ̀pá ìwọ̀n kiri nínú omi náà títí yóò fi rí ibi tí agbára ti pọ̀ jù.

Nítorí náà, iye tó wà lójú fóònù jẹ́ ti ìgbà tí nǹkan burú jù. Fóònù tí a kọ 1.2 sí kì í ṣe èyí tí yóò máa fi 1.2 síni lára lójoojúmọ́, kò sì dájú pé èyí tí a kọ 0.6 sí yóò fi ìdajì rẹ̀ síni lára níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára. Ohun tó ń pinnu ìyẹn ni bí fóònù ṣe ń yí agbára rẹ̀ padà. Fóònù 2G lórí 900 mẹ́gáhẹ́tìsì lè lọ dé wáàtì 2, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́jọ àkókò ló fi ń ránṣẹ́, èyí tó mú ìpíndọ́gba rẹ̀ di 0.25. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, agbára yẹn lè wálẹ̀ láti wáàtì 2 sí nǹkan bí 0.003. Fóònù 4G kì í sábà kọjá wáàtì 0.2, òun náà sì ń dín in kù nígbà gbogbo.

Ẹni tó ń pe ènìyàn láti inú yàrá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já ń gba ìgbì tó pọ̀ ju ẹni tó bọ́ síta lọ. Bí a bá lo waya etí tàbí tí a jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta, tí a sì gbé e jìnnà sí orí, ti orí á dín kù gan-an.

Àyẹ̀wò lè rí àṣìṣe o. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, àjọ ANFR ti ilẹ̀ Faransé wọn áífóònù 12, wọ́n sì rí 5.74 níbi tí ààlà apá àti ẹsẹ̀ ti jẹ́ 4. Ilẹ̀ Faransé dá títà rẹ̀ dúró títí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi tún sọ́fítíwíà rẹ̀ ṣe. Iye náà kọjá òfin, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré sí ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀ pé ó ń pa ara lára lọ́pọ̀lọpọ̀.

Òpó: ìṣirò kan fún Dánmágàjì

Ká mú òpó kan ní Dánmágàjì tí áńténà rẹ̀ wà ní mítà 25 sókè, tó ń ránṣẹ́ lórí 900 mẹ́gáhẹ́tìsì. Ká ní ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń fún un ní wáàtì 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Áńténà ń kó agbára náà jọ sí ojú kan, bí iná tọ́ọ̀ṣì tí a gbé sókè tí a dojú rẹ̀ kọ ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá sọ agbára di ìlọ́po 50 ní ojú yẹn, wáàtì 80 á dà bíi 4,000.

Ojú tọ́ọ̀ṣì yìí kì í tẹ̀ púpọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá fi ìwọ̀n 6 tẹ̀, ibi tó ti máa kan orí ènìyàn jẹ́ nǹkan bí mítà 225 sí òpó. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òpó kò sí ní ojú rẹ̀ rárá. Ní mítà 225 náà, a ó pín 4,000 káàkiri ojú bọ́ọ̀lù tí ìdajì ìbú rẹ̀ tó mítà 225, á sì ku 0.0063 wáàtì fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ààlà ICNIRP ti 1998 fún 900 mẹ́gáhẹ́tìsì jẹ́ 4.5. Ti Dánmágàjì yìí jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 700. Bí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta bá jọ ń lo òpó kan, tí a sì sọ iye náà di ìlọ́po mẹ́ta, kò ní tó ìdá kan nínú 200.

Ibi tí ewu wà ni iwájú áńténà gan-an, lókè. Nínú ìṣirò yìí, láti nǹkan bí mítà 8 ààbọ̀ wá sí iwájú rẹ̀ ni iye náà ti kọjá ààlà ará ìlú. Òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó ló yẹ kí ó pa á kó tó súnmọ́ ọn. Onílé tí wọ́n gbé áńténà sórí òrùlé alájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí.

Ẹ̀rí lórí jẹjẹrẹ

Ìwádìí Interphone tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 13, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010, ló dá àríyànjiyàn tó pọ̀ jù sílẹ̀. Lápapọ̀, àwọn tó ń lo fóònù kò ní jẹjẹrẹ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní gíláómà ju àwọn tí kò lò ó lọ. Iye tiwọn tilẹ̀ kéré díẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin ìdá kan nínú mẹ́wàá tó sọ pé àwọn ti lò ó jù, ìyẹn wákàtí 1,640 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu náà fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ga.

Ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù. Aláìsàn ni wọ́n ní kó rántí bí òun ṣe lo fóònù láti ọdún pípẹ́, àwọn kan sì sọ iye wákàtí tí kò ṣeé gbà gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìrántí ló ṣìnà. Ó sì tún ṣeé ṣe kí ewu kékeré kan wà fún àwọn tó lò ó jù. Ìwádìí náà fúnra rẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lórí irú ẹ̀rí yìí ni àjọ IARC ṣe fi ìgbì rédíò sí ẹgbẹ́ 2B ní oṣù karùn-ún 2011, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Ẹgbẹ́ náà ń sọ bí ẹ̀rí ṣe lágbára sí, kì í sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó.

Láti ìgbà náà, àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé ènìyàn láti ìgbà tí ara wọn ti yá kò rí ewu yẹn. Èyí tí wọ́n ṣe láàrin nǹkan bí obìnrin 776,000 ní Bìrìtìkó jáde ní 2022. COSMOS, tó tẹ̀ lé ènìyàn tó lé ní 250,000 ní ilẹ̀ Yúróòpù, jáde ní 2024. Ní ọdún kan náà, àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀ lọ́wẹ̀ kó ìwádìí 63 jọ, kò sì rí ìsopọ̀ láàrin fóònù àti jẹjẹrẹ ọpọlọ.

Ẹ̀rí ara ẹranko kò ṣọ̀kan. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn akọ eku kan ní jẹjẹrẹ inú ọkàn lẹ́yìn tí wọ́n fi ìgbì tó tó wáàtì 6 fún kílógíráàmù kan sí gbogbo ara wọn, wákàtí 9 lóòjọ́ fún ọdún méjì. Síbẹ̀, àwọn eku náà pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò fi ìgbì kankan sí lára lọ. Ìwọ̀n yẹn jẹ́ ìlọ́po 75 ààlà gbogbo ara fún ará ìlú.

Ẹ̀rí lórí àwọn ọmọdé kò tíì pọ̀ tó ti àgbà. Ti 5G ní pàtó kéré jù.

Ìtàn ní Nàìjíríà

Oṣù kẹjọ 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, òpó sì tẹ̀ lé e wọ àdúgbò. Ìlànà tí àjọ NCC gbé jáde ní 2009 ní kí òpó fi mítà 5 jìnnà sí ilé tó súnmọ́ ọn jù. Òfin àjọ NESREA ti 2011 béèrè mítà 10. Ní 2012, NESREA ti òpó kan pa ní Àbújá, NCC sì takò ó. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó sábà máa ń rò pé ìtànṣán ni wọ́n ń jà lé lórí, ṣùgbọ́n ìṣirò òkè yìí fi hàn pé mítà 5 tàbí 10 kò yí nǹkan púpọ̀ padà lórí ìgbì rédíò, nítorí lẹ́sẹ̀ òpó kọ́ ni ojú áńténà kọ sí. Ariwo jẹnẹrétọ̀, èéfín dísù àti ìbẹ̀rù kí òpó má wó lulẹ̀ ni mítà wọ̀nyí ń yanjú.

Ní oṣù kẹrin 2020, ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri pé 5G ló fa kòrónà dé Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ń dáná sun òpó ní Bìrìtìkó. Ìdánwò nìkan ni wọ́n tíì ṣe fún 5G níhìn-ín nígbà náà; oṣù kẹsàn-án 2022 ni MTN tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á.