Ohun Tí Atọ́ka Lè Sọ Nípa Iye Owó Ṣíà, àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ìdókòwò, ẹ bi mí pé atọ́ka wo ló dára jù láti fi mọ ibi tí iye owó ṣíà ń lọ. Èsì mi ni pé kò sí ọ̀kankan. Ibi tí iye owó ti gbà kọjá ni atọ́ka ń ṣàpèjúwe, nítorí iye owó àtẹ̀yìnwá nìkan la fi ṣe ìṣirò rẹ̀. N óò fi èyí tí ẹ mọ̀ jù ṣe àlàyé, ìyẹn ìpíndọ́gba tó ń bá ọjọ́ rìn.

Ẹ jẹ́ ká ní ṣíà kan parí ọjọ́ márùn-ún sí náírà 100, 102, 104, 103 àti 106. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 515, ìpíndọ́gba ọlọ́jọ́ márùn-ún sì jẹ́ 103. Lọ́jọ́ kẹfà, iye owó já wálẹ̀ sí 101. Ẹni tó rà á ní 106 ti pàdánù náírà márùn-ún lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo ìpíndọ́gba: 100 ti ọjọ́ kìn-ín-ní jáde, 101 wọlé, àpapọ̀ di 516, ìpíndọ́gba sì gòkè sí 103.20. Ìlà ń gòkè lọ́jọ́ tí iye owó ń já. Ìlà náà kò purọ́ o. Ohun tí a ní kó ṣírò ló ṣírò, ọjọ́ àtijọ́ tó jáde kúrò nínú rẹ̀ ló sì gbé e sókè.

Bí ọjọ́ bá ṣe pọ̀ tó nínú ìṣirò náà ni ìlà ṣe ń pẹ́ lẹ́yìn tó. Ti ọlọ́jọ́ márùn-ún ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ti ọlọ́jọ́ 200 ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan bí 100 ọjọ́ ọjà sẹ́yìn, èyí tó tó oṣù mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún. Nítorí náà, nígbà tí ìlà ọlọ́jọ́ 50 bá gun ti ọlọ́jọ́ 200 kọjá, tí wọ́n ní ká rà, ohun tó ń sọ kò ju pé iye owó àìpẹ́ yìí ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ìgòkè náà ti ṣẹlẹ̀ kí ìlà tó sọ ọ́.

Kí ló dé tí ó fi jọ pé ó ń sọ tẹ́lẹ̀? Ní 1959, Harry Roberts ti Yunifásítì Ṣíkágò fi nọ́ńbà tí a ṣà láìsí ètò kankan ya ṣáàtì, ó sì jọ ti ọjà ṣíà gan-an. Ẹgbẹ́ yín lè ṣe irú rẹ̀. Ẹ ta owó ẹyọ nígbà 500: bí orí bá yọ, ẹ fi náírà kan kún 1,000, bí ìrù bá yọ, ẹ yọ náírà kan. Ẹ wá ya ìlà méjèèjì sí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i tí wọ́n ń gun ara wọn kọjá, kí ìgòkè gígùn sì tẹ̀ lé òmíràn, bẹ́ẹ̀ owó ẹyọ kò mọ ohun tó máa yọ lẹ́yìn. Pé ìlà kọjá ìlà kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹnìkan lè fi iṣẹ́ Brock, Lakonishok àti LeBaron bi mí, ìbéèrè gidi sì nìyẹn. Ní 1992, wọ́n dán òfin 26 wò lórí ìwọ̀n Dow Jones láti 1897 títí dé 1986. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìpíndọ́gba yìí. Wọ́n rí i pé èrè tó tẹ̀ lé àmì rírà ga ju èyí tó tẹ̀ lé àmì títà lọ. N kò ní fọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní 1999, Sullivan, Timmermann àti White gbé òfin tó lé ní 7,000 yẹ̀ wò. Èyí tó tayọ nínú wọn ṣì mókè ní sáà àtijọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sórí ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, kò mókè mọ́. Bí àǹfààní kan bá wà nígbà náà, inú ìṣesí àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà ló wà. Ìṣirò ìpíndọ́gba kàn ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ni, kò sì lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni pé ìṣesí náà ti yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa fi atọ́ka ṣe ni wíwọn. Ìbú ìrìn iye owó lójúmọ́ máa ń bá ara rẹ̀ tan láti ọjọ́ dé ọjọ́ ju apá ibi tó ń kọjú sí lọ: ọjọ́ tó mì gan-an sábà máa ń tẹ̀ lé ọjọ́ tó mì, bó ti wù kó gòkè tàbí kó já. Bí ṣíà kan bá ń rìn tó náírà mẹ́ta lójúmọ́, tí ẹ sì pàṣẹ fún alágbàtà pé kó tà bó bá fi náírà kan wálẹ̀, ọjọ́ lásán tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ti tó láti lé yín jáde. Ẹ wọn ìbú yẹn kí ẹ tó pinnu iye ṣíà tí ẹ máa rà.