Orúkọ Tí A Ń Jẹ́: Bí A Ṣe Di Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa Nàìjíríà ni ó gbà pé àwọn ẹ̀yà ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé ńṣe ni ìdàpọ̀ ọdún 1914 kàn kó wọn sínú àpò kan. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Orúkọ tí àwa fúnra wa ń jẹ́ ni n ó fi ṣe ẹ̀rí.

Kí ọ̀rúndún 19 tó dé, àwọn ará òkè ọya, pàápàá àwọn Haúsá, ni ó ń lo orúkọ náà, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì fi ń pè. Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà di Lùkùmí, àwọn ti Bràsíìlì di Nàgó. Ní Sàró, ìkíni wọn, 'ẹ kú', ni ó sọ wọ́n di Akú.

Àwọn oníwèé ni ó sọ orúkọ Ọ̀yọ́ di ti gbogbo wa. Ní ọdún 1843, Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1875, àwọn ajíhìnrere pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí àkọtọ́; ní 1884, odindi Bíbélì jáde. Èdè inú rẹ̀ sún mọ́ ti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìlú kankan pátápátá. Ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì wá ń ka ìwé kan náà, wọ́n sì ń pe èdè tí ìyá wọn kò sọ nílé ní èdè abínibí.

Ẹnìkan lè bi mí pé: Odùduwà ńkọ́? Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìlú ti ń tọpa orírun wọn lọ sí Ifẹ̀, èdè wọn sì jọra. Amọ̀ ti wà nílẹ̀ kí amọ̀kòkò tó jókòó. Ṣùgbọ́n ìbátan yìí kò sọ wọ́n di ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Nígbà tí ogun Kírìjí bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn ni Èkìtìparapọ̀ dojú kọ.

Ẹ wo Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ. Àdéhùn ọdún 1889 fi wọ́n sí abẹ́ Faransé. Ilé-ìwé wọn kò lo àwọn ìwé wa, nítorí náà orúkọ Nàgó ni ó gbilẹ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a gbọ́ èdè ara wa.

Òṣèlú ni ó parí iṣẹ́ náà. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, wọ́n ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Nígbà tí ìbò ẹlẹ́kùnjẹkùn dé ní 1951, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ n lo orúkọ Yorùbá láti wá ìbò ní ìlú tí àwọn bàbá wọn ti bá ara wọn jagun.

Mi ò sọ pé irọ́ ni jíjẹ́ Yorùbá. Ìkòkò tí a mọ náà ń gba omi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò tó àádọ́fà ọdún láàrin ìwé Crowther àti ìbò yẹn. Bí ìwé, ilé-ìwé àti ìbò bá lè sọ ọ̀tá Kírìjí di ọmọ ìyá, kò sí olóṣèlú tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ ṣe àwáwí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kò lè gbé pọ̀.