Akátá Ṣáájú, Adìẹ Kẹ́yìn

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá bá adìẹ wí. Òwe yìí kò sọ pé adìẹ kò jẹ̀bi, nítorí adìẹ tó jẹ̀ wọ inú igbó ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ló ń tò fún wa. Kò sí ibi tí mo ti rí ìlò rẹ̀ tó bí ibi ìpàdé tí àwọn tó ń kọ áàpù fi ń yẹ ìròyìn àbùkù wò. A kì í tún àbùkù ṣe níbi ìpàdé yìí. Ohun tí a ń wá ni bí ọṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó, bóyá ẹnì kan ti mú un wá tẹ́lẹ̀, àti ẹni tí yóò gbé e.

Ká ní àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìbẹṣẹ, létí ọ̀sà ní agbègbè Ìkòròdú, kọ áàpù tí èrò fi ń san owó ọkọ̀ ojú omi. Ìròyìn mẹ́rin wọlé láàárọ̀. Nọ́ńbà 41 ní owó ti kúrò ní báńkì òun, ṣùgbọ́n òun kò rí tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà 43 ní wọ́n yọ owó òun lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà 44 ní tíkẹ́ẹ̀tì òun ṣì ń sọ pé “ó ń dúró”. Nọ́ńbà 45 ní wọ́n kọ orúkọ ìlú òun sódì.

Akátá tó wà nílẹ̀ ni owó tí ń jáde lápò èrò. Ẹni tó ń darí ìpàdé gbọ́dọ̀ ti ìsanwó orí áàpù pa ná, kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ èrò ní èbúté títí àtúnṣe yóò fi dé. Ta ló kọ kóòdù náà, kí ló dé tí kò dán an wò dáadáa: ẹjọ́ adìẹ nìyẹn, kò sí àyè fún un nínú ìpàdé yìí rárá.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni ti àwọn ìròyìn tó jọra. Lójú ẹni tó ń kánjú, ọ̀kan náà ni 41, 43 àti 44, nítorí owó ni gbogbo wọn ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó fà á la fi ń mọ̀ pé àbùkù méjì jẹ́ ọ̀kan, kì í ṣe bí ó ṣe rí lójú. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ sáfà, kí ẹ wá nọ́ńbà ìsanwó kọ̀ọ̀kan. Ní ti 41 àti 44, báńkì ránṣẹ́ pé owó ti wọlé, sáfà sì dá a lóhùn pẹ̀lú `500`, tó fi hàn pé iṣẹ́ náà bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbùkù kan ni wọ́n. Ní ti 43, nọ́ńbà ìsanwó méjì ló wà fún ìrìn àjò kan, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló sì wà láàárín wọn: èrò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kejì, sáfà sì gba méjèèjì. Tí a bá so ó mọ́ 41, ọjọ́ tí wọ́n bá tún 41 ṣe ni wọn yóò ti 43 náà pa, a ó sì máa yọ owó àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Nígbà tí ó bá dájú, ẹ so wọ́n pọ̀. Lọ́dọ̀ Debian, àṣẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ rí báyìí:

```
forcemerge 41 44
```

Ipò tí ìròyìn tó ṣáájú wà ni 44 náà yóò bọ́ sí. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe èyí tó pẹ́ jù ló yẹ kó ṣáájú, bí kò ṣe èyí tó ṣàlàyé jù. Kò sì yẹ ká ju ìyókù nù. Ní 2008, Nicolas Bettenburg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìròyìn àbùkù Eclipse wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ìròyìn tí wọ́n kà sí àtúnwí máa ń mú àlàyé tuntun wá, tó ń ran atúnṣe lọ́wọ́. Bóyá 44 nìkan ló sọ irú fóònù tó lò.

Ó ku ẹni tí yóò ṣe é. Ẹni tó ni ibi tí àbùkù ti ṣẹ̀ la ń fún, kì í ṣe ẹni tó ni ojú ibi tí a ti rí i. Lójú áàpù ni “ó ń dúró” ti hàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bójú tó sáfà ni yóò gbé 41. Iṣẹ́ 43 pín sí méjì: olùtọ́jú ojú áàpù ni yóò pa bọ́tìnnì lẹ́yìn títẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni sáfà ni orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí rẹ̀, nítorí bí nẹ́tíwọ̀kì bá ṣẹ́, bọ́tìnnì nìkan kò lè dá ìsanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì dúró. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ. Orúkọ méjì túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí yóò mú un. Bí a kò bá tí ì mọ ohun tó fà á, ẹ fún ẹnì kan láti wádìí, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí yóò mú èsì wá.

Ọṣẹ́ 45 kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ sẹ́yìn jù. Àwọn ará ìlú ló ń ka orúkọ náà, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí irú ìpàdé yìí, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó so ìròyìn mọ́ra, ẹ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ sáfà, kí ẹ sì fèsì fún gbogbo ẹni tó mú ìròyìn wá, títí kan ẹni tí ẹ so ìròyìn tirẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Owó tirẹ̀ náà ló sọnù.