Àlàfo Ogún Ọjọ́: Ẹjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Wàrà ní Tẹsalóníkà

Ọdọọdún ni màmá mi máa ń wà nílé ní gbogbo oṣù Kejìlá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọlidé Kérésì ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kọ́ńtíráàtì oṣù mọ́kànlá ni ilé-iṣẹ́ wọn ń fún wọn. Bí ó bá parí, wọ́n á padà sílé, bó bá di oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n á tún gba lẹ́tà tuntun. Ọdún keje rèé. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ọdún méje kò tó kí wọ́n fi yín ṣe pámánẹ́ǹtì ni?” Wọ́n ní, “Oṣù kan tí mò ń lò nílé yẹn ló ń pa á rẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa wá inú ìtàn bóyá ilé-ẹjọ́ kan ti gbé irú àlàfo bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò rí. Mo rí i ní ilẹ̀ Gíríìsì, ní Tẹsalóníkà, ìlú tí a mọ orúkọ rẹ̀ nínú Bíbélì.

Àjọ ìjọba kan wà níbẹ̀ nígbà náà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wàrà, ELOG ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2001 ni àjọ náà ti ń gba àwọn òṣìṣẹ́ kan sí kọ́ńtíráàtì olóṣù mẹ́jọ-mẹ́jọ. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ akọ̀wé, àwọn kan jẹ́ dókítà ẹran, àwọn mìíràn sì ń bu wàrà fún àyẹ̀wò. Bí kọ́ńtíráàtì kan bá parí, wọ́n á dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tún gbà wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Àlàfo tó kéré jù jẹ́ ọjọ́ 22. Èyí tó gùn jù lé ní oṣù mẹ́wàá. Nígbà tí wọn kò tún kọ́ńtíráàtì wọn ṣe mọ́, Ọ̀gbẹ́ni Adeneler àti àwọn 17 mìíràn gba ilé-ẹjọ́ lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ rárá.

Òfin kan wà tí wọ́n lè gbé ara lé. Ní ọdún 1999, Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dí ọ̀nà àbòsí yìí: kí ọ̀gá ní ìdí gidi kó tó tún kọ́ńtíráàtì ṣe, tàbí kí òfin sọ iye ọdún tí gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, tàbí iye ìgbà tí a lè tún un ṣe. Gíríìsì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kọ́ńtíráàtì méjì tẹ̀ lé ara wọn kìkì bí àlàfo àárín wọn kò bá ju ogún ọjọ́ iṣẹ́ lọ, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnìkan ṣe kọ́ńtíráàtì olóṣù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì ń jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún láàárín wọn. Oṣù 32 ló fi ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, lójú òfin yẹn, oṣù mẹ́jọ péré ló ṣe, nítorí pé ìṣirò ń padà sí òdo nígbàkigbà tó bá jókòó.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2006, Ilé-Ẹjọ́ Yúróòpù tó wà ní Lúsẹ́mbọ́ọ̀gì dájọ́ pé òfin ogún ọjọ́ yẹn tako àṣẹ ọdún 1999. Ìdí tí wọ́n fún un rọrùn: ọ̀gá kàn lè dúró títí ogún ọjọ́ á fi kọjá, kó tó tún gba òṣìṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ kò sì ní ohun mìíràn tó lè ṣe ju pé kó gba àlàfo náà bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ náà ní ààlà tirẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá tún kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ṣe ti di pámánẹ́ǹtì. Orílẹ̀-èdè lè yan ìyà mìíràn fún ọ̀gá tó bá ṣe àbòsí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìyà mìíràn tó múná, òfin kò lè fòfin de sísọ òṣìṣẹ́ ìjọba di pámánẹ́ǹtì pátápátá.

Àṣẹ Yúróòpù kò dé Nàìjíríà, Òfin Iṣẹ́ tiwa kò sì dárúkọ iye ọdún tí kọ́ńtíráàtì fi ń di pámánẹ́ǹtì. Mo ka ìtàn yìí fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì kó lẹ́tà méjèèje jáde lábẹ́ ibùsùn. A tò wọ́n sórí tábìlì ní ọdún sí ọdún. Iṣẹ́ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Màmá mi ní kí n wá fáìlì kan tí wọn yóò máa kó wọn sí.