Iná àti Ogún Ọ̀dàn

"Bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò." Ọ̀rọ̀ àrólé ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ. Iná lágbára, ó ń ké ramúramù, síbẹ̀ eérú ni àrólé rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò le rárá, àdá kan péré ló ń gbé e ṣubú, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti dúró nídìí rẹ̀ kí ó tó wó. Nílé olóògbé la ti sábà máa ń gbọ́ òwe náà. Èmi fẹ́ mú un lọ sínú ọ̀dàn, nítorí pé níbẹ̀, apá méjèèjì òwe yìí ń ṣẹ lọ́jọ́ kan náà lórí ilẹ̀ kan náà. Iná jó, ó kú, eérú bo gbogbo ilẹ̀. Koríko tí ó sì jó náà ti ní ọmọ nílẹ̀. Ohun tí a óò máa bi ara wa ni pé: nígbà tí iná bá ti lọ tán, ta ni yóò jogún ilẹ̀, koríko ni tàbí igi?

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ tí koríko ti bo ìsàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró, tí igi sì dúró káàkiri láàárín rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí oòrùn fi ń ráyè kan ilẹ̀. Ẹni tí ó bá gba Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí ti rí i, ẹni tí ó bá gba Kétu lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ náà ti rí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìtó òjò ni kò jẹ́ kí ibẹ̀ di igbó. Òótọ́ ni fún òkè ọ̀hún pátápátá, níbi tí òjò ọdún kan kò tó nǹkan bíi mílímítà 650. Níbẹ̀, òjò fúnra rẹ̀ ló ń dín igi kù. Ṣùgbọ́n òjò tí ń rọ̀ ní agbègbè tiwa kọjá 1,000 mílímítà lọ́dún. Ìyẹn tó kí igi fi sún mọ́ra, kí ewé wọn sì bo ojú ọ̀run. Bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń dí wọn lọ́wọ́.

Olókemejì ni a ti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Igbó ọba kan wà níbẹ̀, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, lẹ́bàá odò Ògùn. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kìíní lọ́dọọdún ní Oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Wọ́n ń sun apá kejì lọ́dọọdún ní Oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin. Wọn kò jẹ́ kí iná dé apá kẹta rárá. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sì jìnnà síra. Nígbà tí ó fi máa tó ọgbọ̀n ọdún, ìyàtọ̀ ti hàn kedere, Charter àti Keay sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1960. Ibi tí iná kò dé ti ń di igbó, igi ti pọ̀ níbẹ̀, koríko ọ̀dàn sì ti ń kúrò nílẹ̀. Ibi tí wọ́n ń sun ní Oṣù Kẹta jẹ́ koríko lọ súà, pẹ̀lú igi díẹ̀ tí iná kò lè pa. Ibi tí wọ́n ń sun ní Oṣù Kejìlá wà láàárín àwọn méjèèjì: koríko wà, ṣùgbọ́n igi ibẹ̀ pọ̀ ju ti Oṣù Kẹta lọ dáadáa. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Kokondékró lẹ́bàá Buaké ní Kóòtù Difúà láti 1936, èsì rẹ̀ kò sì yàtọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kẹta yìí. Iná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni méjèèjì, kí ló wá fà á tí èsì wọn kò fi bára mu? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, omi ṣì kù nínú koríko, pàápàá nídìí rẹ̀. Iná ibẹ̀ kò ga, ó máa ń fo ibì kan sílẹ̀, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Oṣù Kẹta, gbogbo koríko ti gbẹ kanranjángbọ́n, afẹ́fẹ́ gbóná, ọwọ́ iná sì ga ju orí ènìyàn lọ. Èyí tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé lákòókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn ń rúwé tuntun kí òjò tó dé. Wọ́n ti kó oúnjẹ tí ó wà nínú gbòǹgbò sínú ewé ọ̀hún, iná sì wá jó o dànù.

Koríko kò ní irú ìṣòro yẹn. Ojú ibi tí ewé rẹ̀ ti ń dàgbà kò sí lókè, ìdí rẹ̀ ló wà, níbi tí ewé ògbólógbòó ti wé e mọ́ra. Ooru iná koríko kì í sì í wọlẹ̀ jìnnà: bí ó ti wù kí ó le tó lókè, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀ ilẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ewé gbígbẹ tí kò wúlò fún koríko mọ́ ni iná jó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀mùnú tútù á ti yọ láàárín eérú, kódà kí òjò tó rọ̀ nígbà mìíràn.

Igi ní láti wá ọgbọ́n mìíràn, ọgbọ́n igi òrí sì ni ó wú mi lórí jù lọ. Bí kóró òrí bá bọ́ sílẹ̀ nígbà òjò, kì í gbé orí sókè lójú ẹsẹ̀ bí àgbàdo ti ń ṣe. Ohun tí ó kọ́kọ́ yọ jáde láti inú rẹ̀ á kọrí sísàlẹ̀, á sì gbé ọ̀mùnú ọmọ igi náà lọ́wọ́ wọ inú ilẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ni ọ̀mùnú yóò tó yà kúrò lára rẹ̀, tí yóò wá máa gòkè bọ̀. Bí iná bá wá jó ewé kékeré tí ó yọ síta ní ọdún àkọ́kọ́, ìdí rẹ̀ gan-an ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ ní àlàáfíà, á sì tún sọ. G. Jackson, onímọ̀ ewéko, ṣe àlàyé ìhùwàsí yìí ní 1974, ó sì fi hàn pé igi òrí nìkan kọ́ ló ní in láàárín àwọn igi ọ̀dàn. Igi igbó kò ní irú ìpèsè bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí iná ẹ̀ẹ̀kan fi ń gbá ọmọ wọn lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má kàn kú kò tíì sọ ni di igi. Ọmọ igi òrí lè máa jó lókè lọ́dọọdún, kí ó máa sọ padà lọ́dọọdún, fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìga kọjá koríko. Gbòǹgbò rẹ̀ ń tóbi, òkè rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ohun tí ó ń retí ni ọdún kan tàbí méjì tí iná kò ní dé ibẹ̀, tàbí tí iná rẹ̀ kò ní le. Bí ó bá rí àyè yẹn, oúnjẹ tí ó ti kó jọ sínú gbòǹgbò á tì í sókè kíákíá, kí orí rẹ̀ lè yọ ní òkè ọwọ́ iná, ìyẹn nǹkan bíi mítà méjì sí mẹ́ta. Èèpo ara rẹ̀ á sì máa nípọn. Ìwọ̀n ooru 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ti tó láti pa awọ tútù tí ó wà lábẹ́ èèpo igi; èèpo tí ó nípọn tí ó sì sán, irú èyí tí ó wà lára igi òrí àti ìrà, ni kì í jẹ́ kí ooru náà wọlé kí iná tó kọjá lọ. Láti ìgbà náà lọ, igi ti bọ́.

Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ débi pé ewé wọn kan ara wọn, ọ̀rọ̀ yí padà sí koríko. Koríko ọ̀dàn kò lè gbé abẹ́ òjìji. Yóò máa tín-ín-rín, yóò sì kú, iná kò sì ní rí ohun jó mọ́. Nígbà yẹn ni igi tí iná máa ń tètè pa, bí àyìn, á wá ráyè, igi igbó á sì tẹ̀ lé e. Bí apá kẹta ní Olókemejì ṣe yí padà nìyẹn.

Àwọn ẹranko náà mọ àsìkò iná. Àwòdì máa ń rá bàbà lókè èéfín, láti hán tata àti àwọn kòkòrò tí ń sá. Àwọn tata kan wà tí ara wọn ń di dúdú lẹ́yìn tí pápá bá ti jó, kí ojú ẹyẹ má baà tètè rí wọn lórí ilẹ̀ tí ó ti dúdú. Ọ̀yà ni iná ń ni lára, nítorí koríko gíga ni ilé rẹ̀. Àwọn ọdẹ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dáná sun pápá láti lé e jáde. Ṣùgbọ́n egbin àti ẹfọ̀n ń wá ibi tí ó jó lọ ni, nítorí ọ̀mùnú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ rọ̀, oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju èyí tí ó wà nínú koríko gbígbẹ lọ. Ohun kan náà ló ń fa àwọn Fúlàní darandaran lọ sí ibẹ̀.

Ẹnu ẹran pẹ̀lú ń pín ogún yìí, nítorí koríko tí ẹran bá ti jẹ, iná kò tún lè jó o. Ní Sẹ̀rẹ̀ngẹ́tì ní ilẹ̀ Tansaníà, àrùn màlúù kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹran ní àwọn ọdún 1890, ó sì mú kí àwọn ẹran oníwo tí wọ́n ń pè ní wáìdìbíìsì kéré níye fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àjẹsára lé àrùn náà lọ kúrò lára màlúù, àwọn ẹran wọ̀nyí kúrò ní nǹkan bí 250,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n sì ju mílíọ̀nù kan lọ kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Wọ́n jẹ koríko lọ bẹ̀rẹ̀bẹ̀rẹ̀, iná dín kù, igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná ló sọ ilẹ̀ kan di ọ̀dàn lè wo nǹkan díẹ̀. Ṣé ọ̀pẹ àti igi igbó mélòó kan ṣẹ́ kù láàárín koríko, ṣé igbó dídí sì wà létí odò nítòsí, lórí ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀? Ṣé àwọn igi kéékèèké yọ ọ̀pọ̀ ẹ̀ka láti ìdí kan ṣoṣo, tí kùkùté dúdú sì wà láàárín wọn? Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jó lọ́dọọdún. Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé igbó tí a bà jẹ́ ni gbogbo ọ̀dàn. Koríko ọ̀dàn ti tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí ẹnikẹ́ni tó dá oko, àrá sì ti ń dáná sun ún. Ẹni tí ó bá lọ gbin igi dí irú ọ̀dàn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ń lé àwọn ẹ̀dá tí ó ni ín kúrò ni.

Dídáwọ́ iná dúró pátápátá kò sì rọrùn bí ó ti rí lẹ́nu. Bí koríko ọdún méjì tàbí mẹ́ta bá jọ gbẹ sórí ara wọn, iná àìròtẹ́lẹ̀ tí yóò bá wọn níbẹ̀ ní Oṣù Kẹta yóò le ju ti ọdọọdún lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ọdẹ, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dáná sun pápá, ẹ sun ún ní Oṣù Kejìlá nígbà tí ìdí koríko ṣì tutù, ẹ kọ́kọ́ ro àyíká rẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún ọ̀sán gangan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di Oṣù Kẹta.