Ẹgbàárin Kì í Ṣe Ẹgbẹ̀rin

Láti ọdún 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò lónìí, ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ni a ti tún kọ. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ náà kò ju kí a sọ "aiye" di "ayé", kí "enia" di "ènìyàn", kí a sì fi àmì ohùn sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ wo gbólóhùn yìí, tí mo hun fún àpẹẹrẹ ní àkọtọ́ àtijọ́:

"O ni on san ẹgbãrin, o kù ẹgbẹrin."

Ká ní ẹni tó tún un kọ wá kọ ọ́ báyìí:

"Ó ní ó san ẹgbẹ̀rin, ó ku ẹgbẹ̀rin."

Ó dùn ún kà, àbí? Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ti yí. Àkọ́kọ́ ni iye owó. Àmì orí "ã" ń sọ pé fáwẹ́lì náà gùn: ẹgbàárin ni, ìyẹn ẹgbàá mẹ́rin, 8,000. Ẹgbẹ̀rin jẹ́ 800 péré. Gbèsè tó jẹ́ 8,800 di 1,600.

Èkejì ni ẹni tó san án. "On" àtijọ́ ni òun. "Ó ní òun san án" túmọ̀ sí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló san owó. "Ó ní ó san án" ti gbé e fún ẹlòmíì. Níwájú adájọ́, ẹjọ́ ti yí padà nìyẹn.

Bí a ṣe ń mú irú èyí nìyí. A ó fi nọ́ńbà sí ìlà ìwé méjèèjì. Ẹnì kan á máa ka ti àtijọ́ sókè, ẹnì kejì á máa fojú bá tuntun lọ. Lẹ́yìn náà, kí kálukú wọn kọ gbogbo iye inú ìwé ọwọ́ rẹ̀ ní fígọ̀, láìwo ti ẹnì kejì, kí wọ́n tó fi wéra. Owó ẹyọ fúnra rẹ̀ tún ń jẹ́rìí: 40 ẹyọ ni okùn kan, 50 okùn ni orí kan, orí 10 sì ni ọ̀kẹ́ kan. Bí ìwé náà bá sọ níbòmíì pé orí mẹ́rin ni ọkùnrin náà san, 8,000 ló tọ̀nà, torí pé 800 kò ju 20 okùn lọ, kò tiẹ̀ tó ìdajì orí kan.

Bí ìṣirò ìwé àtijọ́ fúnra rẹ̀ bá wá ṣì ńkọ́? Ẹ má tún un ṣe nínú ìlà. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Ibi tí ìfiwéra kò lè dé ni ibi tí ìwé àtijọ́ kò ti fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. "Ogun enia" lè jẹ́ ogún ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ogun, àwọn jagunjagun. Bí ọ̀rọ̀ tó yí i ká kò bá yanjú rẹ̀, ẹ kọ méjèèjì sí ìsàlẹ̀, nítorí àmì tí ẹ bá dá fi sí i, ọ̀rọ̀ tiyín ni, kì í ṣe ti ẹni tó kọ̀wé.